Yíyẹ Ìdáhùn Ìtàn Wò: Ohun tí Ó Ṣáájú Ìgbà Rẹ̀ àti Ohun tí A Tò Ní Ìdàkejì

Ọmọ kì í ṣáájú ìyá rẹ̀ dé ayé. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí nínú ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó láti to ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ máa ń ṣáájú ìyá. Owó tí a kò tíì ná a di owó tí àwọn òbí san. Oyè tí a kò tíì fi ẹnìkan jẹ a ti bọ́ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ti kú a tún máa mí lójú ìwé. Olùkọ́ tí ó ń yẹ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ wò kò lè fi ìkánjú ṣe é. Bí ó bá kánjú, yóò kọjá lára àṣìṣe tòótọ́, ohun tí ó burú ju èyí lọ ni pé ó lè fi gègé pupa pa ohun tí ó tọ̀nà rẹ́. Nínú àròkọ yìí, a óò mú ìdáhùn kan, a óò sì yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, kí a lè rí bí iṣẹ́ náà ti rí.

Ìbéèrè náà nìyí: Kọ ìṣẹ̀lẹ̀ méje nínú ìtàn Adó àti ilẹ̀ Èkìtì, láti ìgbà ogun Kírìjì títí di ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, kí o sì tò wọ́n bí wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ kan pàtó. Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé lọ́dọọdún ni mo kó jọ sí ojú kan, kí ẹ̀kọ́ náà lè hàn kedere.

Èkíní. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn ènìyàn Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì dìde ogun.

Èkejì. Ní ọdún 1886, Gómìnà Nàìjíríà rán Bíṣọ́ọ̀bù Phillips àti Àlùfáà Johnson sí àwọn ọmọ ogun, a sì ṣe àdéhùn àlàáfíà. Báyìí ni ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún náà ṣe parí.

Ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú ní ibùdó ogun.

Ẹ̀kẹrin. Ní ọdún 1913, Adó di ibùjókòó ìjọba fún Èkìtì Dífíṣọ̀n.

Ẹ̀karùn-ún. Ní ọdún 1933, Henry Dallimore dá ilé-ìwé tí a wá mọ̀ sí Christ's School sílẹ̀ ní Adó.

Ẹ̀kẹfà. Ní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kò san náírà mọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń mú kọ́bọ̀ lọ́wọ́ láti ra àkàrà.

Ẹ̀keje. Ní ọdún 1976, a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Adó sì di olú-ìlú rẹ̀.

Bí a bá kọ́kọ́ ka ìdáhùn yìí, kò burú létí. Ó ń lọ geere, àwọn ọdún rẹ̀ ń gòkè, orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ tí a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ mú gègé lọ́wọ́ rárá. Kí ó kàn gbọ́ ohun tí ọmọ náà ní í sọ. Ní ìgbà kejì, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ó ní ọjọ́ ìbí: orúkọ ìlú àti ti ìjọba, oyè, owó, ilé-ìwé, iṣẹ́ ọba. Kí ó wá mú ìwé pélébé kan, kí ó pín in sí ọ̀nà méjì, kí ó kọ ìgbà tí nǹkan náà dé sí apá kan, àti ìgbà tí ó lọ, bí ó bá ti lọ, sí apá kejì. Ìwé pélébé yìí ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí ọdún tí ọmọ náà kọ bá ṣáájú ìgbà tí nǹkan náà dé, àṣìṣe wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí yẹ ìlà kìíní wò. Ohun tí a fa ìlà sí lábẹ́ ni “Ìpínlẹ̀ Èkìtì.” Orúkọ Èkìtì ti wà ní ọdún 1878, àwọn ọba àti ìlú Èkìtì wà, wọ́n sì para pọ̀ mọ́ àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Èkìtìparapọ̀. Ọ̀rọ̀ náà “ìpínlẹ̀” pàápàá ti pẹ́ lẹ́nu Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó ní gómìnà àti olú-ìlú, èyí tí ọmọ náà ní lọ́kàn, kò sí fún Èkìtì títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́: “Ilẹ̀ Èkìtì.” Bí ọmọ náà bá ti kọ “ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí,” a kò ní í rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Ẹni tí ó ń sọ ìtàn lè dúró sí òní kí ó tọ́ka sí àná. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó gbé òní lọ sínú àná kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún 1878 tí ó kọ ńkọ́? Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mìíràn bá kọ 1877, kí olùkọ́ rọra. Ní 1877 ni Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá, ọ̀pọ̀ ìwé sì ka ọdún náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ogun gígùn yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Fábùnmi dìde, tí ọ̀tẹ̀ Èkìtì sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ 1877 fún ìbẹ̀rẹ̀ ogun kò ṣìnà. Ẹni tí ó kọ 1877 fún ohun tí Fábùnmi ṣe ni ó ṣìnà. Mo rántí pé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo fa ìlà pupa kọjá lórí 1877 nínú ìwé ọmọbìnrin kan, nítorí pé 1878 ni ó wà nínú ìwé tí èmi fi ń kọ́ wọn. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó dákẹ́, ó sì lọ jókòó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo kà á nínú ìwé mìíràn pé ó tọ̀nà. Mo pè é, mo dá máàkì rẹ̀ padà lójú kíláàsì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí n tó ka ọdún kan sí àṣìṣe, mo ní láti kọ́kọ́ bi í léèrè pé: ọdún ti kí ni?

Nínú ìlà kejì, nǹkan méjì ni ó ní ọjọ́ ìbí. Èkíní ni “Gómìnà Nàìjíríà.” Ní 1886, a kò tíì fi orúkọ náà pe orílẹ̀-èdè wa. Ọdún 1897 ni obìnrin oníwèé-ìròyìn kan, Flora Shaw, dábàá orúkọ náà nínú ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1914 ni a sì so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ lábẹ́ ìjọba kan. Gómìnà tí ó rán àwọn ońṣẹ́ àlàáfíà ni Gómìnà Èkó, Alfred Moloney. Èkejì ni “Bíṣọ́ọ̀bù Phillips.” Ọkùnrin náà gan-an ni ó lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀, Charles Phillips àti Samuel Johnson ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn jagunjagun. Ṣùgbọ́n àlùfáà ni Phillips nígbà náà. Ní 1893 ni a tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Irú àṣìṣe yìí ni ó máa ń sá pamọ́ jù lọ, nítorí pé ẹni náà wà, ibẹ̀ ni ó sì wà, oyè nìkan ni kò tíì dé. Bí olùkọ́ bá pa gbogbo gbólóhùn náà rẹ́, ó ti ṣi ọmọ lọ́nà. Oyè nìkan ni kí ó fa ìlà sí.

Kí a tó kúrò ní ìlà yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọmọ náà sọ pé ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún ni ó parí ní 1886. Bí a bá yọ 1878 kúrò nínú 1886, mẹ́jọ ni ó kù. Bí a bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1877, mẹ́sàn-án ni. Níbo ni mẹ́rìndínlógún ti wá? Ó wá láti inú òtítọ́ mìíràn. A kéde àlàáfíà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, ṣùgbọ́n ìjà láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà kò dáwọ́ dúró, títí di 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá. Láti 1877 dé 1893 jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún gééré. Ọmọ náà mú òpin kan láti inú ìtàn, ó sì mú iye ọdún láti inú òpin kejì, ó wá so wọ́n pọ̀. Kò sí bí ojú ṣe lè rí èyí bí a kò bá yọ ọdún kan kúrò nínú èkejì. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti rí “ọdún mélòó,” kí a ṣe ìyọkúrò rẹ̀ sí etí ìwé.

Ìlà kẹta ni a ti rí àṣìṣe ìtòtẹ̀léra gan-an. Kò sí ọdún níbẹ̀. “Lẹ́yìn náà” nìkan ni ó wà. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ibi ààbò ọmọ tí kò dá ohun tí ó ń sọ lójú. Bí a bá ti rí i, kí a béèrè pé: lẹ́yìn kí ni? Nínú ìdáhùn yìí, lẹ́yìn àdéhùn 1886 ni. Ṣùgbọ́n Látòósà kú ní 1885, nígbà tí ogun ṣì wà lójú. Ìyẹn ni pé ìlà kẹta ni ó yẹ kí ó wà ní ipò kejì. Àyípadà ipò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyọ ọdún kan lásán. Ẹni tí ó bá gba ìtòtẹ̀léra ọmọ náà gbọ́ yóò rò pé Látòósà wà láàyè nígbà àdéhùn, pé òun ni ó gbà kí àlàáfíà wọlé. Òdì kejì rẹ̀ ni òtítọ́: olórí ogun Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjà náà kò sí mọ́ nígbà tí a fọwọ́ sí àlàáfíà. Bí a bá to ìṣẹ̀lẹ̀ ní ìdàkejì, a ó di ẹ̀bi tàbí iyìn ru ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìlà kẹrin tọ̀nà, kí a fi àmì sí i, kí a kọjá. Ìlà karùn-ún náà tọ̀nà, ó sì yẹ kí a kíyè sí ohun tí ó gbà á là. Nígbà tí Dallimore bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé náà ní 1933, Ekiti Central School ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó gba orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí nísinsìnyí. Ọmọ náà kọ “tí a wá mọ̀ sí.” Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, wọ́n sì tó. Bí ó bá ṣe irú rẹ̀ fún Phillips, kí ó kọ “ẹni tí ó wá di bíṣọ́ọ̀bù,” a kò ní í rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ìlà kẹfà ni ibi tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti lè ṣubú. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìyẹn dára. Náírà kò sí ní ọdún náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni ó rọ́pò pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ǹsì ni àwọn òbí ń ná. Nítorí náà, a fa ìlà sí náírà. Ọwọ́ wa á sì fẹ́ kí ó máa lọ tààrà sórí kọ́bọ̀, nítorí pé náírà àti kọ́bọ̀ ni ó jọ ń rìn lójú wa. Kí a dúró! Yorùbá ti ń pe pẹ́nì kan ní kọ́bọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí owó tuntun tó dé. Owó tuntun ni ó jogún orúkọ náà lọ́wọ́ owó àtijọ́, bí ọmọ ti ń jogún orúkọ bàbá àgbà rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá sọ fún ọmọ náà pé òun mú kọ́bọ̀ lọ sí ilé-ìwé ní Adó ní 1955, òtítọ́ ni ó sọ. Ọ̀rọ̀ kan lè dàgbà ju ohun tí ó ń jẹ́ lónìí lọ. Nítorí èyí, kí a tó ka ọ̀rọ̀ sí ohun tí kò tíì sí, ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀: ṣé ọ̀rọ̀ náà ni kò sí, tàbí ohun tí a ń fi í pè nísinsìnyí?

Ìlà keje ní àṣìṣe ọdún. Ní oṣù kejì ọdún 1976, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a dá sílẹ̀ láti inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Èkìtì sì wà nínú rẹ̀. Láti inú Oǹdó ni a ti yọ Èkìtì ní 1996, tí Adó sì di olú-ìlú. Ọmọ náà gbé ìyá àti ọmọ sínú àpótí kan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí ọdún rẹ̀ tilẹ̀ ṣìnà, ipò rẹ̀ kò ṣìnà. Yálà a kọ 1976 tàbí 1996, ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn 1955. Àṣìṣe ọdún yàtọ̀ sí àṣìṣe ìtòtẹ̀léra. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan jẹ ọmọ níyà lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí mú wa dé orí ọ̀rọ̀ máàkì, níbi tí ìdájọ́ àìtọ́ ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ka ipò: èkíní ní ipò èkíní, máàkì kan, èkejì ní ipò èkejì, máàkì kan. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Ká sọ pé ọmọ kan mọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́fà ní ìtòtẹ̀léra wọn láìsí àbùkù, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ti Fábùnmi, ó sì fi í sí ìparí. Gbogbo àwọn yòókù á sún sókè ní ipò kan, kò sí ọ̀kan tí yóò wà ní ipò rẹ̀, ọmọ náà á sì gba òdo nínú méje. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣì, a sì fi méje jẹ ẹ́ níyà.

Ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí a ka méjì-méjì. Ìṣẹ̀lẹ̀ méje ní ìsọpọ̀ méjì-méjì mọ́kànlélógún: èkíní pẹ̀lú àwọn mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, èkejì pẹ̀lú àwọn márùn-ún, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Fún ìsọpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a béèrè ohun kan péré: èwo ni ọmọ náà kọ́kọ́ kọ, ṣé òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ọmọ tí ó fi Fábùnmi sí ìparí ṣi mẹ́fà nínú mọ́kànlélógún, ó sì mọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ tiwa, tí ó fi Látòósà sẹ́yìn àdéhùn, ṣi ẹyọ kan péré, ó mọ ogún. Ọmọ tí ó bá gbé mẹ́ta ìparí wá sí iwájú mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣi méjìlá, máàkì rẹ̀ á sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dojú rú fún un. Báyìí ni ìyà ṣe ń tó ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ náà gba àkókò, mo mọ̀. Fún ìdáhùn kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwé ogójì kò kéré lórí tábìlì. Bí àkókò kò bá sí, kí a lò ó fún àwọn ìwé tí ipò wọn dàrú nìkan.

Ní ìparí, kí ìdáhùn ọmọ náà padà sí ọwọ́ rẹ̀ báyìí: a fa ìlà sí Ìpínlẹ̀, Nàìjíríà, Bíṣọ́ọ̀bù àti náírà, a kọ ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; a fi ọfà gbé ìlà kẹta lọ sí iwájú ìlà kejì; a kọ “1886 − 1878 = 8” sí ẹ̀gbẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún, a sì bi í pé “òpin wo?”, a kọ 1996 sórí 1976. A kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ kò tó ogún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jókòó tì í, yóò rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, yóò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe ọdún àti àṣìṣe ìtòtẹ̀léra? Fi ìlà kẹta àti ìlà keje ṣe àpẹẹrẹ.

2. Samuel Johnson kú ní 1901. Ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ pé: “Ní 1921, Johnson jókòó láti kọ ìwé rẹ̀.” Tún gbólóhùn náà kọ kí ó tọ̀nà.

3. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé rẹ orúkọ owó mẹ́ta tí a ń ná ṣáájú 1973. Èwo nínú wọn ni a ṣì ń lo orúkọ rẹ̀ fún nǹkan mìíràn?